Lẹ́tà Sí Ọpẹ́yẹmí, Ọmọ Ọdún Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní ọjọ́ tí ọmọ wa pé ọdún kan, a jókòó, a kọ lẹ́tà sí i. A dì í sínú àpòòwé, a sì kọ sí ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí di ọjọ́ tí ọmọ náà yóò pé ọdún 18, tí òfin orílẹ̀-èdè wa yóò kà á sí àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹbí kan wà nínú rẹ̀ tí yóò kù sí inú àpò. Èyí tí ó kù ni a mú wá síhìn-ín, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ọmọ wa ti ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ọmọ púpọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín tí àwa ń gbé.

Ọpẹ́yẹmí, ọmọ wa ọ̀wọ́n,

Lónìí ni o pé ọdún kan. Ní òwúrọ̀ yìí, o di àpótí ìjókòó ìyá àgbà mú, o dìde, o tú ọwọ́ kan sílẹ̀, o bojú wò wá bóyá a ń wò ọ́, o sì fi ìdí jókòó. Eyín mẹ́rin ni ó wà ní ẹnu rẹ. O lè pe "màmá", o lè pe "omi". Gbogbo ohun tí ó kù ní ayé, láti orí adìyẹ dé orí alùpùpù, "bà" ni o ń pè é.

Nígbà tí o bá ń ka ìwé yìí, a ó ti wà ní ọdún 2042. Bàbá rẹ yóò ti di ẹni ọdún 63, ìyá rẹ yóò ti di ẹni ọdún 58. Ìyá rẹ kò kọ́kọ́ fẹ́ kí a kọ ọ́. Ó ní ìwé tí a bá kọ tí a sì dì pamọ́ de ọmọ, ìwé ogún ni ó jọ, kò sì yẹ kí a máa ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ ayọ̀. Bàbá rẹ dáhùn pé kì í ṣe ogún ni a fẹ́ pín, ẹjọ́ ni a fẹ́ rò. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó sì lọ mú bírò wá. Ẹjọ́ tí a fẹ́ rò fún ọ ni ẹjọ́ orúkọ rẹ.

Ọdún 11 ni a ti ń gbé pọ̀ kí o tó dé. Ní ọdún kẹta, àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ní ọdún keje, wọn kò béèrè mọ́, èyí sì dùn wá ju ìbéèrè lọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọ jáde ní òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Kílò 2,8 ni o wọ̀n. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá bàbá rẹ ti wá láti Kétu pẹ̀lú ìgò oyin kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Òun ni ó fi omi, oyin àti iyọ̀ kàn ọ́ ní ahọ́n. Wọ́n ní kí ó sọ orúkọ tí ó rí. Ó ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, àti pé ní ilé yìí, bí òun ti wò ó, ọpẹ́ nìkan ni òun rí. Ó pè ọ́ ní Ọpẹ́yẹmí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹnu sí ọ létí, ó sì pè ọ́ ní Àjọkẹ́, oríkì rẹ, nítorí pé gbogbo ẹbí ni yóò jọ kẹ́ ọ. Àjọkẹ́ kò sí lórí ìwé kankan, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bà á jẹ́. Orúkọ kejì ni ó bọ́ sí ọwọ́ ìwé.

Bàbá rẹ ni ó lọ sí mẹ́rì láti forúkọ rẹ sílẹ̀. Èrò pọ̀, oòrùn mú, akọ̀wé tí ó wà nídìí ẹ̀rọ béèrè pé kí ni orúkọ ọmọ. Bàbá rẹ pè é. Ọkùnrin náà kò béèrè bí a ṣe ń kọ ọ́. Ó tẹ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: Opéyémi. Ó yí ìwé náà padà sí bàbá rẹ kí ó kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ wo ọjọ́ ìbí, ó pé. Ó wo orúkọ ìyá rẹ, ó pé. Ó wo orúkọ rẹ, ó rí àmì lórí e méjèèjì, ó ní ó dára. Ó fọwọ́ sí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà ní èdè Faransé tí ó mọ́ gaara.

A kò mọ ohun tí a ti ṣe títí o fi pé oṣù mẹ́sàn-án. Ní oṣù náà ni ọmọ máa ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ìgbóná èéyi àti ti ibà pọ́njú. Ìyá rẹ gbé ọ lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan tí kò gbọ́ Yorùbá ń pe orúkọ láti inú ìwé àjẹsára. Nígbà tí ó kan ọ, ó pè é bí a ti kọ ọ́, e méjèèjì sì mú ní ẹnu rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan gbójú sókè, ó ní: "Òpè kẹ̀? Ta ni ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Òpè níbí?" Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ dìde, ó gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ. Nígbà tí ó délé, kò tú gèlè, kò mu omi. Ó gbé ìwé ìbí rẹ síwájú bàbá rẹ, ó ní: "Bàbá Ọpẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè fún mi bí ẹ ṣe ń kàwé fún àwọn ọmọ kíláàsì yín."

Bàbá rẹ kà á. Kò kà á tán tí ó fi dákẹ́.

Jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ìwọ náà lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àmì kan náà ni èdè méjì ń lò fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Yorùbá, àmì tí ó wà ní orí fáwẹ́lì ń sọ bóyá ohùn gòkè tàbí ó lọ sílẹ̀. Àmì tí ó wà ní abẹ́ lẹ́tà ni ó ń ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e. Ní Faransé, a kì í kọ ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀. Àmì orí e ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àmì abẹ́ lẹ́tà ń ṣe fún wa. Bí Faransé bá kọ é, ohùn tí ó wà nínú "ewé" ni yóò pè. Bí ó bá kọ è, ohùn tí ó wà nínú "ẹsẹ̀" ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka Opéyémi ní ọ̀nà Faransé kò lè sọ ọpẹ́ láéláé. Ohun tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde, òpè ni etí Yorùbá yóò gbọ́, ìyẹn ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Orúkọ tí ìyá àgbà fi oyin sọ ọ́ ti di pé àìmọ̀kan ni ó yẹ ọ́.

Ọ̀nà wà tí a fi lè kọ ọ́ kí ó má ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àwọn ìwé tí a ń tẹ̀ ní Nàìjíríà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè abínibí ti orílẹ̀-èdè wa ń lo ɛ àti ɔ. Faransé fúnra rẹ̀ ní è. Ì bá tó kí bàbá rẹ kọ orúkọ náà sórí bébà kékeré kan nílé, kí ó sì gbé e fún akọ̀wé. Kò kọ ọ́.

O lè béèrè pé, ṣé olùkọ́ Faransé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín é àti è ni? Ó mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 20 ni ó ti ń fi bírò pupa gé máàkì ọmọ ọlọ́mọ nítorí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé akọ̀wé náà ṣi ọ̀rọ̀ Faransé kan kọ lórí ìwé yẹn, kì bá ti kúrò nídìí tábìlì láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá ni, wọn kò sì kọ́ ọ rí pé Yorùbá jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ṣì kọ. Ìtìjú rẹ̀ nìyẹn, ó sì ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá rẹ lọ, ìkarahun ìgbín kan wà tí a fi okùn so, tí gbogbo ọmọ ń pè ní síńyáàlì. Ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ni yóò gbé e kọ́rùn. Yóò máa gbé e kiri títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tí ó sọ èdè ilé, kí ó tó lè bọ́ ọ sí i lọ́rùn. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ sílé ni yóò jẹ ẹgba. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gún gún bàbá rẹ lẹ́sẹ̀, ó ké "yéè, ìyá mi o", wọ́n sì gbé ìgbín náà kọ́ ọ lọ́rùn láti òwúrọ̀. Gbogbo ọmọ ń sá fún un. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí agogo dún, ó lọ bá àbúrò rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Yorùbá bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé, ó bi í bóyá ebi ń pa á. Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn ní Yorùbá. Bàbá rẹ bọ́ ìgbín náà, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀ ni ó jẹ ẹgba ọjọ́ náà. Ẹni ọdún méje ni.

Bàbá rẹ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí títí di alẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ. Ó ní òun ti pinnu láti ìgbà náà pé ọmọ òun kò ní ru irú okùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, láti ọjọ́ tí a bí ọ títí di oṣù mẹ́sàn-án, Faransé nìkan ni ó ń bá ọ sọ. Ìyá rẹ ń bá ọ sọ Yorùbá ní ilé ìdáná, yóò sì dákẹ́ bí bàbá rẹ bá wọlé. Àwa méjèèjì ni a jọ ṣe é. Ọ̀kan ń lé èdè náà jáde, èkejì ń gbé e pamọ́ bí ẹni gbé ẹran jíjí. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ fún oṣù mẹ́sàn-án náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a padà sí mẹ́rì. Akọ̀wé náà kò bínú. Ó ní ìwé tí a ti fọwọ́ sí kò sí ní ìkáwọ́ òun mọ́, ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè pàṣẹ kí a tún un ṣe. A kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a fi ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ àwa méjèèjì mọ́ ọn, a sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ń fẹ́ kí a béèrè fún Ọpẹ́yẹmí pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò kò gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìyá rẹ ní, bí ó bá jẹ́ lẹ́tà Faransé ni a ó lò, kí a kúkú fi kp rọ́pò p, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ń ṣe, nítorí pé p tiwa kì í ṣe p Faransé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a rò ó pé bí a bá ti ń yí lẹ́tà púpọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jọ pé orúkọ mìíràn ni a ń wá, tí kì í ṣe àtúnṣe. A fi p sílẹ̀. Ohun kékeré tí ojú lè rí ni a béèrè: kí é méjì di è méjì. Opèyèmi.

Kò pé. Faransé kò ní ibi tí yóò gbé ohùn òkè sí. Ẹni tí ó bá ka Opèyèmi lè pè ọ́ ní ọ̀pẹ, igi tí a ń kọ. Bí wọ́n bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, má bínú. Nínú igi ọ̀pẹ, a ń rí epo, a ń rí ẹmu, a ń rí ìgbálẹ̀. A fara mọ́ ọ̀pẹ ju òpè lọ.

O lè rò pé nítorí àmì kékeré méjì, a ti dààmú jù. Wo orúkọ ìdílé wa. Ọmọ bàbá kan náà, ìyá kan náà, ni bàbá rẹ àti àbúrò rẹ̀, síbẹ̀ Adéchina ni wọ́n kọ fún ọ̀kan, Adéshina ni wọ́n kọ fún èkejì, nítorí pé akọ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbọ́ Adéṣínà. Kò sí ẹni tí ó kà á sí títí bàbá àgbà rẹ fi kú, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ní Kétu sì délẹ̀. Wọ́n béèrè pé kí wọ́n fi hàn pé ọmọ ẹnì kan ni wọ́n. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí, wọ́n wá ìwé láti ilé ẹjọ́. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ náà, àbúrò bàbá rẹ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun kò mọ ọkùnrin yìí rí.

Lónìí, ìwé méjì péré ni ó ru àṣìṣe náà: ìwé ìbí rẹ àti ìwé àjẹsára rẹ. Ní ọjọ́ tí o bá ń ka lẹ́tà yìí, yóò ti wà lórí ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lórí ìwé ẹ̀rí bákì, bóyá lórí ìwé ìrìnnà pẹ̀lú, ìwé kọ̀ọ̀kan yóò sì máa jẹ́rìí fún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sáré. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹjọ́ kò tíì dá wa lóhùn. Ìwọ tí o ń kà á mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Lọ mú ìwé ìbí rẹ. Bí o bá rí è méjì, a yege. Bí o bá rí é, a kùnà, ẹ̀dà gbogbo ohun tí a kọ sí ilé ẹjọ́ sì wà nínú àpòòwé yìí, kí o má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O ti dàgbà, ìwọ fúnra rẹ lè béèrè. O sì lè fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ó lè jẹ́ pé Opéyémi ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n sí, tí o sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ rẹ ni. A kò ní bá ọ jà. Ohun tí a kò fẹ́ ni pé kí o máa jẹ́ ẹ láìmọ ohun tí ìyá àgbà pè ní ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà, ilé wa ti ń pariwo. Bàbá rẹ ń bá ọ sọ èdè Kétu, ìyá rẹ ń bá ọ sọ ti Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń ta ko ara wọn lórí bí a ṣe ń pe nǹkan. Bàbá rẹ kò kọ Faransé sílẹ̀. Òun ni ó ń bọ́ wa, ìwọ náà yóò sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, ó ń fi ìwé àwọn ọmọdé kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí Yorùbá. A fún ẹnì kan tí ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní lẹ́tà yìí kí ó tó di pé a tún un kọ. Ó dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe 41, gbogbo rẹ̀ ní bírò pupa. Bàbá rẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní ó tọ́ sí òun.

Bírò dúdú ni a fi kọ ọ́, nítorí a ti rí ìwé tí a tẹ̀ tí ó ṣá láàárín ọdún díẹ̀. Inú àpótí igi ni bàbá àgbà rẹ kó ìwé tirẹ̀ sí ní Kétu; ikán ni ó kà á. Nítorí náà, ọ̀rá ni a fi wé èyí, a sì kó o sínú agolo bísíkíìtì. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ. Nígbà tí bàbá rẹ gbé e lọ bá a, ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbín náà fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó gba agolo náà, ó gbé e sórí àjà.

Bí Ọlọ́run bá dá wa sí, àwa méjèèjì yóò jókòó tì ọ́ bí o ti ń kà á, ìyá rẹ yóò sì máa dá ọ dúró láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan nínú wa ni ó ṣẹ́kù, bi í ní ohun tí o bá fẹ́ mọ̀. Kí o dàgbà, kí o gbọ́n, kí ọpẹ́ má ṣe wọ́n ní ẹnu àwọn tí ó bá mọ̀ ọ́.

Àwa ni,
Bàbá rẹ àti Ìyá rẹ
Àjàṣẹ́, ọdún 2025